Ẹsẹ tí ó ń pe ẹsẹ: bí a ṣe ń yẹ ìwé àdéhùn ilé wò kí a tó fọwọ́ sí i

Ní Ìkòròdú níbí, láti Ìgbógbó títí dé Odógunyàn, ìwé àdéhùn ilé tí wọ́n bá gbé síwájú yín kì í sábà jẹ́ tuntun. Ìwé àtijọ́ kan ti wà nínú kọ̀ǹpútà. Atẹ̀wé ṣí i, ó yí orúkọ ayálégbé padà, ó yí owó àti ọjọ́ padà, ó yọ ohun tí onílé kò fẹ́ kúrò, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Mi ò rí ohun tó burú nínú pé a lo ìwé àtijọ́. Ohun tí ń fa ẹjọ́ ni pé bí a bá yọ ìlà kan kúrò láàárín ìwé, àwọn ìlà tó kù á sún sókè, nọ́ńbà wọn á yí, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti dárúkọ nọ́ńbà náà ní ojú ewé mìíràn lè má yí.

Ẹ béèrè ìwé náà ní ọjọ́ kan tàbí méjì kí ẹ tó lọ fọwọ́ sí i, kí ẹ lè kà á nílé. Ẹ mú pẹ́ńsùlù kan, bébà funfun kan, rúlà kan, àti ẹnì kejì tí ó mọ̀ ọ́n kà. Ìwé olójú ewé mẹ́fà kò ju iṣẹ́ wákàtí kan lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìwé kan ṣe àpẹẹrẹ. Tọkọtaya kan tí wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́ ló mú un wá bá mi. Wọ́n fẹ́ gba yàrá méjì àti pálọ̀. Ìyàwó ń ta ẹ̀fọ́ níwájú ilé, onílé sì ti gbà pé kò sí wàhálà, pé kí wọ́n yọ ìlà tó ní kí ayálégbé má tajà kúrò. Wọ́n yọ ọ́ lóòótọ́. Mo yí àwọn ìlà náà sí Yorùbá níbí kí gbogbo wa lè rí i. Bí ìwé ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyí:

Ẹsẹ 3. Ayálégbé gbà:
(a) láti san owó ilé lásìkò;
(b) láti san owó iná àti owó ìdọ̀tí;
(c) láti má ṣe ta ọjà kankan nínú ilé tàbí níwájú rẹ̀;
(d) láti tún kọ́kọ́rọ́, fèrèsé àti ohunkóhun tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe;
(e) láti kun inú ilé lọ́dà nígbà tó bá ń kó jáde;
ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé (k), tó ní kí ó jẹ́ kí onílé wọlé wá yẹ ilé wò bí ó bá ti sọ fún un ní ọjọ́ méjì ṣáájú.

Ní ojú ewé karùn-ún, ẹsẹ 5(b) sọ pé onílé yóò dá owó kọ́ṣọ̀n, ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà (₦100,000), padà fún ayálégbé, àfi iye tí ó bá ná lórí ohun tí ẹsẹ 3(d) wí. Kò ṣòroó lóye: ohun tí o bà jẹ́ ni wọn yóò yọ nínú owó rẹ.

Nígbà tí (c) kúrò, (d) di (c), (e) di (d), (k) sì di (j). Ẹsẹ 5(b) kò kúrò lójú kan, 3(d) ni ó ṣì ń pè. Ṣùgbọ́n 3(d) ti di ìlà ọ̀dà. Bí tọkọtaya yìí bá fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀, onílé lè yọ owó ọ̀dà gbogbo ilé nínú kọ́ṣọ̀n wọn, ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá wọn sọ rí. Òun náà kò sì jèrè tán, nítorí bí wọ́n bá fọ́ fèrèsé, ìwé kò fún un láṣẹ mọ́ láti yọ owó fèrèsé nínú kọ́ṣọ̀n. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló ṣe gbogbo èyí, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan tí kọ̀ǹpútà fi ìlà pupa sí nídìí.

Àṣìṣe kejì wà nínú ìwé yìí kan náà. Ẹsẹ 4(b) ní onílé kò ní wọlé láìsọ tẹ́lẹ̀, àfi bí ẹsẹ 3(k) ṣe là á sílẹ̀. Ẹ lọ wo ẹsẹ 3, (j) ló parí sí. Irú èyí rọrùn láti mú, nítorí ẹ ó dé ibi tí wọ́n ní kí ẹ lọ, ẹ ò sì ní bá nǹkan kan. Èyí tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ fojú sí ni ti àkọ́kọ́, èyí tí ẹ ó bá nǹkan níbẹ̀, tí ohun tí ẹ bá kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ní lọ́kàn.

Bí a ṣe ń mú un nìyí. Ẹ ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ má tíì wá ìtumọ̀. Gbogbo ibi tí ẹsẹ kan bá ti dárúkọ nọ́ńbà ẹsẹ mìíràn, ẹ fi pẹ́ńsùlù yí i ká. Ìwé ilé lásán kì í ní ju bíi mẹ́wàá lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìlà sórí bébà funfun kí ó di ọ̀nà mẹ́ta: ẹsẹ tó ń pe èkejì, nọ́ńbà tó pè, àti ohun tí ẹ bá níbẹ̀ gan-an ní ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ti ìwé yìí á kà pé: 5(b), 3(d), kíkun ilé lọ́dà. Ẹ wá ka ẹsẹ tó ń pè sókè, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn rọ́pò nọ́ńbà: "onílé yóò dá kọ́ṣọ̀n padà, àfi iye tí ó bá ná lórí kíkun ilé lọ́dà." Bí etí yín bá ta, ẹ sàmì sí i. Ẹ má ṣe fi ojú kà á nìkan, torí ojú máa ń fo nọ́ńbà.

Bí ẹ bá rí ọ̀kan tó ṣìnà, ẹ fura sí gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn ibi tí ìlà ti kúrò. Nínú ìwé yìí, ibi yòówù tó bá pe 3(a) tàbí 3(b) dára, nítorí wọ́n wà ṣáájú èyí tí wọ́n yọ. Láti 3(c) lọ sísàlẹ̀, a gbọ́dọ̀ wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà mìíràn, ẹ ó rí i tí ìwé fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé:

```
Error! Reference source not found.
```

Ìyẹn túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà ló ń tọ́jú nọ́ńbà náà, ẹsẹ tó ń tọ́ka sí ti kúrò, atẹ̀wé kò sì kà á kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí atẹ̀wé bá tẹ `Ctrl+A` lẹ́yìn náà `F9`, nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú á tún ara wọn ṣe, èyí tí ẹsẹ rẹ̀ ti kúrò yàtọ̀. Èyí tí wọ́n fọwọ́ tẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán kò ní yí, irú ìyẹn ló sì pọ̀ jù nínú ìwé ilé. Nítorí náà, bébà funfun yẹn ṣì ní iṣẹ́ láti ṣe.

Ọ̀rọ̀ tó sọnù ló kàn. Ẹ padà sí ẹsẹ 3 kí ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́: "ayálégbé gbà láti ṣe báyìí, láti má ṣe báyìí." Bí ọ̀rọ̀ kékeré tó dúró fún "má" bá já bọ́, èèwọ̀ di iṣẹ́ ọ̀ranyàn. Mo ti ka ìwé kan tó ní ayálégbé gbà láti fi yàrá háyà fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ onílé. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni a kọ dáadáa, ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà fi dákẹ́. Ẹ fi rúlà bo ìlà tó wà nísàlẹ̀, kí ẹnì kan máa kà sókè, kí ẹnì kejì máa dáhùn lórí ìlà kọ̀ọ̀kan: "ó ní kí a ṣe é" tàbí "ó ní kí a má ṣe é." Ẹ wo orúkọ náà pẹ̀lú, ṣé onílé ni wọ́n kọ síbẹ̀ tàbí ayálégbé. Ìlà tó ní kí wọ́n tún òrùlé àti sọ́káwè ṣe ni mo sábà máa ń rí tí orúkọ ti yí sódì.

Ní ti owó, ẹ ka nọ́ńbà, kí ẹ sì ka ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nínú ìwé tọkọtaya yìí, nọ́ńbà ní ₦480,000, ọ̀rọ̀ sì ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó ó lé mẹ́jọ, ìyẹn ₦408,000. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦72,000. Bí méjèèjì bá takora, ọ̀rọ̀ ni kóòtù sábà máa ń gbà ju nọ́ńbà lọ, nítorí náà onílé ni ìyẹn ì bá pa lára.

Ìlànà pé ọ̀rọ̀ borí nọ́ńbà yìí kan náà lè pa ayálégbé lára níbi nótíìsì. Òfin Ilé Gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, kàn Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì. Àpápá, Jí-Áà-Éè Ìkẹjà, Ìkòyí àti Fìkitóríà Áílàńdì nìkan ló yọ sílẹ̀. Ó fún ẹni tó ń san owó ọdọọdún ní nótíìsì oṣù mẹ́fà, ẹni tó ń san lóṣooṣù ní oṣù kan. Ṣùgbọ́n ìgbà tí àdéhùn kò bá sọ nǹkan kan nípa nótíìsì ni òfin fi iye yẹn kún un. Bí ìwé bá ti ní "oṣù kan (6)", tí ẹ sì ń sanwó ọdọọdún, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e pé òfin yóò gbà yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un kọ.

Ọjọ́ náà ńkọ́? Ọdún kan tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Máàṣì 2026 parí ní ọjọ́ 28 oṣù Fébúárì 2027. Ọjọ́ 29 ni wọ́n kọ sí ìwé yìí. Fébúárì 2027 kò ní ọjọ́ 29. Ó hàn pé láti inú ìwé ẹni tó wọlé ní Máàṣì 2023 ni wọ́n ti mú un, nítorí Fébúárì 2024 ní ọjọ́ 29, ọdún nìkan ni atẹ̀wé sì yí padà.

Ẹ má ṣe fúnra yín fi báírò tún un ṣe, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀dà funfun bo ọ̀rọ̀. Ẹ dá a padà fún lọ́yà tàbí ẹni tó kọ ọ́, pẹ̀lú bébà yín, kí ó tẹ ojú ewé náà tuntun. Bí ó bá di dandan pé kí a tún un ṣe níbi ìfọwọ́sí, kí a fa ìlà kan ṣoṣo gba orí àṣìṣe kí ó ṣì ṣeé kà, kí a kọ èyí tó tọ́ sókè rẹ̀, kí onílé àti ayálégbé sì fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí gbogbo ẹ̀dà. Lẹ́yìn ìfọwọ́sí, ẹni tó bá dá yí ohun pàtàkì padà láìjẹ́ kí èkejì gbọ́ lè sọ ìwé náà di asán lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Bí ìwé tuntun bá dé, ẹ tún yí nọ́ńbà ká lẹ́ẹ̀kan sí i, torí àtúnṣe náà lè ti sún ìlà mìíràn. Kí ẹ sì fi ẹ̀dà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ wò wọ́n lójú ewé dé ojú ewé. Nígbà tí tọkọtaya yẹn padà lọ, ẹ̀dà tiwọn ti dára, 3(c) ni ẹsẹ 5(b) ń pè. Nínú ẹ̀dà onílé, ojú ewé karùn-ún àtijọ́ ni wọ́n ṣì fi pín-ìnnì mọ́ àwọn tuntun.