Ẹ Má Na Àgbà Ajá Nítorí Pé Ó Kùn: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Mú Ọmọ Ajá Wọlé Tọ Ajá Tó Ti Wà Nílẹ̀

Ẹni tó ti ní ajá nílé, tó wá fẹ́ fi ọmọ ajá kún un, ni a kọ ìwé yìí fún. A ò ní sọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ ajá tàbí bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ẹ́, ẹ ti mọ ìyẹn. Àṣìṣe kan ṣoṣo la fẹ́ kà sí yín létí, torí pé òun la ń rí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìjà: ọmọ ajá sún mọ́ àgbà, àgbà kùn, ẹni tó ni ín sì jágbe mọ́ ọn tàbí kó fi bàtà bà á.

Kíkùn kì í ṣe ìwà ìpáǹle. Ọ̀nà tí ajá fi ń sọ pé “ó tó, sún sẹ́yìn” ni. Bí ẹ bá nà án fún un, ohun méjì ló máa kọ́ níbẹ̀. Á kọ́ pé ìgbàkígbà tí ọmọ yìí bá ti sún mọ́ òun ni ìyà ń jẹ òun, ohun tó jẹ́ ìnira lásán tẹ́lẹ̀ á sì di ìkórìíra. Á tún kọ́ pé kíkùn ló ń fa nínà, nítorí náà, lọ́jọ́ tí nǹkan bá tún ká a lára, kò ní kùn mọ́, eyín ni yóò lò. Ajá tí ẹ ń sọ nípa rẹ̀ pé “ó kàn ṣàdédé bu ọmọ náà jẹ ni, kò tiẹ̀ kùn”, ẹ bi ara yín léèrè ẹni tó kọ́ ọ pé kó má kùn.

Ohun tó ti sọ kó tó kùn

Kíkùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àkọ́sọ. Àgbà ajá á kọ́kọ́ yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni pé kò rí ọmọ náà. Á fi ahọ́n lá ètè nígbà tí kò sí oúnjẹ nítòsí, tàbí kó yán nígbà tí oorun kò kùn ún. Bí ọmọ kò bá lọ, á máa fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó títí ẹ ó fi rí funfun ẹyinjú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò pa ẹnu dé, tí ara rẹ̀ yóò le gbagidi bí igi. Líle yìí ni kí ẹ máa ṣọ́ jù, torí kì í ju ìṣẹ́jú àáyá 1 tàbí 2 lọ. Ohun tó tẹ̀ lé e ni kíkùn, lẹ́yìn náà ló máa ká ètè kí eyín hàn, lẹ́yìn náà ló máa bu afẹ́fẹ́ jẹ lẹ́bàá ojú ọmọ láìfi eyín kàn án.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìrù tàn yín. Ìrù tó rọ̀, tó ń jù sọ́tùn-ún sósì tòun ti ìdí, ìyẹn ni ti ayọ̀. Ìrù tó le, tó nà sókè, tó wá ń gbọ̀n wìrìwìrì, kì í ṣe ayọ̀ rárá.

Ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ 8 tàbí 9 kò tíì gbọ́ èdè yìí tán. Ọ̀dọ̀ àgbà ni yóò ti gbọ́ ọ, bí ẹ bá gba àgbà láyè láti sọ ọ́.

Bó bá kùn, kí ni kí ẹ ṣe?

Ọmọ ni kí ẹ wò, ẹ má wo àgbà. Bí ọmọ bá sún sẹ́yìn, tó dọ̀bálẹ̀ tàbí tó yí ikùn sókè, tí àgbà náà sì dákẹ́, ẹ má ṣe nǹkan kan, ẹ má sọ̀rọ̀ kankan. Wọ́n ti yanjú ẹ̀ láàárín ara wọn.

Bí ẹ bá ka ení, èjì, ẹ̀ta, tí ọmọ ò sì kúrò, ọmọ lẹ ó mú kúrò, kì í ṣe àgbà. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí okùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, bíi mítà 2, máa wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn ọmọ ajá ní gbogbo ìgbà tí àwọn méjèèjì bá jọ wà lábẹ́ ojú yín. Okùn náà kò gbọdọ̀ ní kókó tàbí ojóbó lẹ́nu, kó má baà há sídìí àga. Ẹ fà á jẹ́jẹ́, ẹ darí ọmọ lọ síbòmíì, ẹ fún un ní nǹkan tó lè máa jẹ lẹ́nu. Ẹ má bá òun náà wí.

Àwọn kan á ní, “Ṣé a kò wá ń kọ́ àgbà pé kó máa kùn báyìí?” Ohun tó ń kọ́ ni pé ẹ gbọ́ òun. Ajá tó mọ̀ pé wọ́n máa gbọ́ òun kì í ní ìdí láti lo eyín.

Àpẹẹrẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká mú abo ajá ọlọ́dún 8 kan, tí orúnkún ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń dùn ún díẹ̀, àti ọmọ ajá akọ tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ 9.

Ní ọjọ́ 3 sí i kí ọmọ tó dé, ẹ mú aṣọ tí wọ́n ti fi nu ọmọ náà lára wá, kí ẹ tẹ́ ẹ síbi tí àgbà máa ń gbà kọjá, kì í ṣe ibi tó ń sùn tàbí ibi tó ti ń jẹun. Ẹ kó gbogbo egungun, bọ́ọ̀lù àti àjákù nǹkan tó ń fi ṣeré kúrò nílẹ̀. Ẹ fi igi tàbí irin ṣe ìdènà sẹ́nu ọ̀nà yàrá kan, kó ga dé ìbàdí ènìyàn, kí wọ́n lè máa rí ara wọn kí wọ́n sì máa gbóòórùn ara wọn láìfarakanra.

Ìta ni wọ́n ti máa pàdé, níbi tí àgbà kò kà sí ilẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ọ̀sẹ̀ 9 kò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ tán, torí wọ́n máa ń gbà á léraléra títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16. Nítorí náà, ẹ má gbé e sílẹ̀ níbi tí ajá tí ẹ kò mọ̀ ti ń kọjá. Àgbàlá ojúlùmọ̀ tí kò ní ajá ló dára jù. Ènìyàn méjì ni kó wà níbẹ̀, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan di okùn ajá kan mú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní mítà 10 síra, kí ẹ máa rìn sí ọ̀nà kan náà, kí ẹ má kọjú wọn síra. Bí ara àgbà bá rọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, ẹ dín in kù sí mítà 3. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ jẹ́ kó gbóòórùn ìdí ọmọ fún ìṣẹ́jú àáyá 3, kí ẹ pè é kúrò, kí ẹ fún un ní ẹran gígé tó tó èékánná, kí ẹ tún máa rìn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Bó bá rẹ ọmọ, kó jókòó. Gbogbo ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 20 lọ.

Ẹ jẹ́ kí okùn dẹ̀. Okùn tó bá fà le máa ń gbé àyà àti orí àgbà sókè, á wá dúró bí ẹni tó fẹ́ jà láìjẹ́ pé ó ní in lọ́kàn. Ẹ má sì gbé ọmọ mọ́ àyà lọ bá àgbà, kí ẹ máa ní “wá wo àbúrò rẹ”. Àgbà á fò mọ́ yín, ọmọ ò sì ní ibi tó lè sá sí.

Bí ẹ bá dé ilé, ẹ kọ́kọ́ fi ọmọ sẹ́yìn ìdènà, kí àgbà tó wọlé láìsí okùn, kó máa bá ìrìn rẹ̀ lọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní, ìṣẹ́jú 5 sí 10 ni wọ́n ó máa fi wà pa pọ̀, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, lẹ́yìn tí ọmọ bá ti tọ̀, tó jẹun, tó sì sùn. Ọmọ ajá lè sùn tó wákàtí 18 sí 20 lójúmọ́, ẹ̀yìn ìdènà ni kó ti sùn ún. Láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ fún àgbà ní ìṣẹ́jú 20 pẹ̀lú yín láìsí ọmọ níbẹ̀, kí ẹ ṣe ohun tí ẹ ti ń bá a ṣe tẹ́lẹ̀.

Ó di ọjọ́ kẹrin. Láàárọ̀, ọmọ fò lé àgbà lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Àgbà le gbagidi, ó kùn, ọmọ yí ikùn sókè, ọ̀rọ̀ parí. Lálẹ́, ọmọ tún wá, ó ń fi etí àgbà ṣeré. Àgbà kùn lẹ́ẹ̀kíní, ó kùn lẹ́ẹ̀kejì, nígbà kẹta ó dìde, ó bu afẹ́fẹ́ jẹ gbàù, ọmọ fi igbe ta. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ihò. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń na àgbà nìyí.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ pa pọ̀ lálẹ́ yẹn, dípò 10. Oorun ti ń kun ọmọ, ọmọ ajá tí oorun ń kùn a sì máa já nǹkan jẹ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹsẹ̀ tó ń dun àgbà gan-an ló kọ́kọ́ fò lé. Ẹ gbé ẹní àgbà lọ sí ẹ̀yìn ìdènà kejì, níbi tí ọmọ kò lè dé. Ajá tí orúnkún rẹ̀ yá lè fò sórí àga láti sá fún ọmọ, èyí kò lè fò. Kí dọ́kítà ẹranko sì wo orúnkún náà. Bí ìrora bá dín kù, kíkùn náà sábà máa ń dín kù.

Oúnjẹ àti egungun

Ẹ má gbé abọ́ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n lè “mọ bí wọ́n ṣe ń pín nǹkan”. Ajá kì í kọ́ pípín bẹ́ẹ̀. Yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kí ilẹ̀kùn wà ní títì, kí ẹ kó abọ́ kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún egungun, kódà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ń sùn lórí ẹní kan.

Ìgbà tó kọjá ọ̀rọ̀ ẹnu

Ẹ má fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ láìsí ènìyàn títí ọmọ á fi pé oṣù 6, tí ọ̀sẹ̀ 4 á sì kọjá láìsí ìjà kankan. Ẹ ṣọ́ra láàárín oṣù 4 sí 5, torí ìgbà yẹn ni àgbà máa ń dẹ́kun fífi ojú ọmọdé wò ó, ohun tó ń fara dà tẹ́lẹ̀ kò ní fara dà mọ́.

Bí àgbà bá ń lé ọmọ tó ti ń sá lọ, bó bá ń tẹjú mọ́ ọn láti òkèèrè láìmira, bí kò bá fi í sílẹ̀ lẹ́yìn tó ti ké, tàbí bó bá gbá a mú tó ń gbọ̀n ọ́n, ẹ yà wọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ pe dọ́kítà ẹranko tàbí ẹni tó mọ ajá kọ́.

Bí ìjà bá ti so wọ́n pọ̀, ẹ má kì ọwọ́ bọ àárín orí wọn, ẹ má sì fa ọrùn. Ẹ da aṣọ ìbora tó nípọn bo orí wọn, tàbí kí ẹ ti pátákó tàbí àga sáàárín wọn. Ẹ fi wọ́n sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ìdènà.

Ẹ fi ìka tú irun ọmọ láti orí dé ìrù, pàápàá ọrùn àti abẹ́ àgbọ̀n. Bí ẹ bá rí ihò eyín, bó ti wù kó kéré tó, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dọ́kítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ihò náà lè jìn nínú ju bó ṣe hàn lóde lọ, awọ á pa dé lórí rẹ̀, ọyún á sì gbára jọ sábẹ́.