Bí mo ṣe rí 3,850 tó sọnù nínú káṣìbúùkù

Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi wá owó yìí o. Lópin oṣù, káṣìbúùkù wa fi 3,850 ju sítétímẹ́ǹtì báńkì lọ. Báńkì ti yọ 250 fún ṣáàjì tí a ò kọ sílẹ̀, mo kọ ọ́, ó wá ku 3,600. Mo bá pín in sí mẹ́sàn-án, ó pín geere, ni mo bá fura pé ẹnì kan ti pààrọ̀ ipò nọ́ńbà méjì (kì í ṣe ẹ̀rí o, àṣìṣe mìíràn náà lè pín bẹ́ẹ̀).

Àṣé káṣìbúùkù nìkan ni mo ń máàkì, mi ò máàkì ti báńkì, bẹ́ẹ̀ 3,700 méjì la kọ pé a san, ọ̀kan péré ló wà ní báńkì, mo sì ti fi ọ̀kan yẹn máàkì méjèèjì! Nígbà tí mo wá ń máàkì apá méjèèjì, tí mo ń wo déètì àti nọ́ńbà ìsanwó, 7,300 kan dá wà ní báńkì. Mo yọ ínfọ́ìsì wò, 7,300 ni lóòótọ́, àwa la ṣì í kọ sí 3,700 kejì. Mo tún káṣìbúùkù ṣe, ó bára mu.