Bí mo ṣe jẹ́ kí ọmọ ọdún 9 sọ ìtàn láìsọ ọ́ di eré ọmọdé

Ọmọbìnrin ọdún 9 ló ń sọ ìtàn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ìyá rẹ̀ ń pa aṣọ láró ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Gbèsè ti wọ ilé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún ọmọ.

Mo kọ́kọ́ fa gbogbo "gan-an gan-an" àti igbe ìyanu yọ. Ọmọ ọdún 9 ti gbọ́ Yorùbá délẹ̀. Èdè rẹ̀ kò wọ́. Ohun tó mọ̀ àti ohun tí ojú rẹ̀ ń tó ló ń fi ọjọ́ orí rẹ̀ hàn. Mo kọ ohun tí kò mọ̀ sínú ìwé kan, "gbèsè" ló ṣáájú, n kò sì jẹ́ kó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Níbi tí mo ti kọ "gbèsè ti mú kí màmá mi pa iṣẹ́ tì", mo fi èyí rọ́pò rẹ̀:

"Tẹ́lẹ̀, aró máa ń wà lábẹ́ èékánná màmá mi. Nígbà tí wọ́n ń tẹ ẹ̀bà lọ́jọ́ Sátidé, mo wò ó, kò sí mọ́. Wọ́n bu ẹran tiwọn sínú àwo mi."

Ó ń ṣe mí bíi kí n fi "n kò mọ ìdí rẹ̀" kún un. Mo pa á rẹ́: àgbàlagbà ló ń ṣẹ́jú sí òǹkàwé níbẹ̀ yẹn.

"Wọ́n" ló fún mi níṣẹ́ jù. Ọmọ tó bá pe ìyá rẹ̀ ní "ó" ti di aláfojúdi létí wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí onílé, Bàbá Síkírù, bá ìyá sọ̀rọ̀, mo rí i pé mo kọ "wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn ní ọ̀sẹ̀ kan". Ta ló ń bẹ ta? Mo dá orúkọ padà: "Màmá mi ní kí Bàbá Síkírù fún àwọn ní ọ̀sẹ̀ kan." Àtúnpè yìí wá di bí ọmọ náà ṣe ń sọ̀rọ̀ jálẹ̀ ìtàn.

Mo yọ òwe méje. Ọmọdé tó bá pa òwe níwájú àgbà gbọ́dọ̀ sọ pé "tótó, ó ṣe bí òwe". Kò lè máa pa á káàkiri ojú ìwé. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù, ẹnu ìyá àgbà ló wà.

Àṣìgbọ́ ló máa ń tètè ba irú ìtàn yìí jẹ́. Mo ti jẹ́ kí ọmọ náà gbọ́ "àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́", kó sì máa wá ọmọ tuntun kiri ọjà. Ẹ̀rín lásán ni, mo yọ ọ́. Èyí tí mo fi sílẹ̀ ni èyí tó ná ilé náà ní nǹkan. Wọ́n ti kọ́ ọ pé kò gbọ́dọ̀ purọ́ fún àgbà, nítorí náà nígbà tí Bàbá Síkírù bi í léèrè, ó dáhùn pé: "Màmá mi wà nínú yàrá, wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀ sókè."