Bí a ṣe ń ṣe é nígbà tí IRS bá fi ìwé gbígba owó iṣẹ́ ránṣẹ́ sí agbanisíṣẹ́ ẹni

Ọ́fíìsì tó ń ṣírò owó iṣẹ́ ni ìwé yìí máa ń kọ́kọ́ dé. Àjọ owó-orí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí IRS, yóò fi Fọ́ọ̀mù 668-W ránṣẹ́ sí wọn, wọn yóò sì pe òṣìṣẹ́ tó jẹ gbèsè pé kó wá gba ẹ̀dà tirẹ̀. Ẹ má wá òǹtẹ̀ adájọ́ lórí rẹ̀, nítorí òfin fún àjọ náà lágbára láti gba owó-orí tí a kò san láìkọ́kọ́ lọ sí kóòtù. Ẹ má sì fi àkókò ṣòfò láti máa bẹ ọ̀gá ibi iṣẹ́ pé kó bá yín dá owó náà dúró. Bí agbanisíṣẹ́ bá kọ̀ láti fi owó ránṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dáhùn fún un láti inú àpò ara rẹ̀. IRS ni ẹ óò bá sọ ọ̀rọ̀ gbèsè náà, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe kí ẹ tó pè wọ́n.

Nínú ẹ̀dà tí wọ́n fún yín, abala kan wà tí ẹ óò ti kọ ipò ìdílé yín àti àwọn tí ẹ ń gbọ́ bùkátà wọn. Ẹ kọ ọ́, ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì dá a padà fún ọ́fíìsì náà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta. Ohun tí a bá kọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́, torí ìbúra ni ìfọwọ́sí yẹn. Abala kékeré yìí ni mo ti rí i tí àwọn ènìyàn wa ń ká sínú àpò nítorí ìtìjú. Iye tí yóò kù sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ni òfin là kalẹ̀, gbogbo èyí tó bá lé lórí rẹ̀ sì di ti ìjọba. Abala yẹn ni wọ́n fi ń mọ iye tí yóò kù. Bí ẹ kò bá dá a padà, wọn yóò ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé ẹ ti gbéyàwó tàbí lọ́kọ, pé ẹ ń dá ṣe ìwé owó-orí yín láìfi ti ẹnì kejì kún un, pé ẹ kò sì ní ọmọ kankan.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìyá kan tó ń dá tọ́ ọmọ méjì, tó ń gba owó ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, tí dọ́là 1,850 sì ń kù fún un lẹ́yìn gbogbo owó tí wọ́n máa ń yọ. Ní ọdún 2024, ẹni tí kò dá fọ́ọ̀mù padà ní dọ́là 14,600 lọ́dún tí wọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 26, yóò jẹ́ dọ́là 561.54. Èyí nìkan ni ìyá náà yóò mú lọ sílé, IRS yóò sì gba 1,288.46. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ ọ́ pé òun ni olórí ilé, ìṣírò yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí 21,900, ìyẹn dọ́là 842.31 ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n tó fi ti ọmọ méjèèjì kún un. Ìyàtọ̀ tó ju dọ́là 280 lọ nìyẹn ní owó iṣẹ́ kan ṣoṣo, ó sì tó ra oúnjẹ àwọn ọmọ. Ẹ ní kí ọ́fíìsì náà fi ìṣírò wọn hàn yín lórí tábìlì tí IRS ń tẹ̀ jáde lọ́dọọdún, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1494. Àwọn kan máa ń sáré fi owó kún èyí tí wọ́n ń yọ pamọ́ fún ọjọ́ ogbó kí owó tó kù lè kéré, ṣùgbọ́n owó tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fínnúfíndọ̀ ní kí wọ́n máa yọ lẹ́yìn tí ìwé ti dé kò lè dín tìjọba kù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí wọn yóò kọ́kọ́ fi owó ránṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ sábà máa ń ní ó kéré tán sáà owó iṣẹ́ kan gbáko lẹ́yìn tí ìwé dé ọwọ́ rẹ̀ kó tó di dandan fún un láti san ohunkóhun. Àárín àkókò yẹn ni ẹ ní láti ṣe iṣẹ́ tó kù, nítorí ìwé yìí kì í gba owó lẹ́ẹ̀kan kó dẹ̀yìn. Gbogbo ọjọ́ owó ni yóò máa gbà á títí gbèsè yóò fi tán, tàbí títí wọn yóò fi tú u sílẹ̀, tàbí títí àkókò tí òfin fún wọn, tó sábà máa ń jẹ́ ọdún mẹ́wàá láti ìgbà tí wọ́n ti ka gbèsè náà sí yín lọ́rùn, yóò fi pé.

Ẹ wá inú àwọn lẹ́tà yín bóyá ẹ ó rí èyí tí wọ́n kọ LT11 tàbí Letter 1058 sí. Lẹ́tà ìkẹyìn nìyẹn kí wọ́n tó gba owó. Ó fún yín ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti fi Fọ́ọ̀mù 12153 béèrè ìgbẹ́jọ́, bí ẹ bá sì béèrè lásìkò, wọ́n sábà máa ń dá gbígba owó dúró. Bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá ti kọjá, ẹ ṣì lè béèrè irú ìgbẹ́jọ́ mìíràn láàárín ọdún kan, ṣùgbọ́n èyí kò dá gbígba owó dúró lábẹ́ òfin. Ọ̀pọ̀ ni kò rí lẹ́tà náà rárá nítorí wọ́n ti kó kúrò nílé àtijọ́, òfin sì gbà pé IRS ti ṣe tirẹ̀ bí ó bá ti fi í ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì ìkẹyìn tó mọ̀. Ẹ fi Fọ́ọ̀mù 8822 sọ àdírẹ́sì tuntun fún wọn kí lẹ́tà mìíràn má tún ṣìnà.

Nígbà náà ni kí ẹ pe nọ́ńbà tó wà lórí ìwé náà. Wọn yóò kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹ ti ṣe gbogbo ìwé owó-orí àwọn ọdún tó ti kọjá. Bí ọdún kan bá wà tí ẹ kò ṣe, ó ṣeé ṣe kí IRS ti bá yín ṣe é láìka ọmọ yín tàbí ìnáwó iṣẹ́ yín sí, kí gbèsè náà sì ju èyí tó tọ́ lọ. Ẹni tó ń wakọ̀ èrò tàbí tó ń tọ́jú arúgbó, tí wọ́n ń sanwó fún láìyọ owó-orí, ni èyí máa ń bá jùlọ. Ẹ ṣe ìwé ọdún náà bó ṣe rí gan-an, kí ẹ sì fi ránṣẹ́.

Bí owó tí wọ́n ń gbà kò bá jẹ́ kí ẹ lè san owó ilé, iná, oògùn àti oúnjẹ, ẹ sọ fún wọn pé ìnira ni ẹ wà, kí ẹ sì ní Fọ́ọ̀mù 433-F nítòsí pẹ̀lú ìwé owó ilé àti rìsíìtì yín. Wọn yóò ka iye tó ń wọlé àti iye tó ń jáde, nítorí náà ẹ má fojú bù ú. Òfin ní kí wọ́n tú owó iṣẹ́ sílẹ̀ bí ìnira náà bá dájú. Ní 2009, Kóòtù Owó-orí dá a lẹ́jọ́ pé IRS kò gbọ́dọ̀ kọ̀ láti ṣe bẹ́ẹ̀ torí pé onígbèsè kò tíì ṣe ìwé àwọn ọdún kan. Gbèsè náà kò parẹ́ o, èlé rẹ̀ sì ń gorí ara rẹ̀. Ẹni tó bá lè san díẹ̀díẹ̀ lè fi Fọ́ọ̀mù 9465 béèrè àdéhùn, tàbí kó ṣe é lórí ìkànnì wọn bí gbogbo gbèsè náà pẹ̀lú èlé àti owó ìtanràn kò bá ju dọ́là 50,000 lọ. Ẹ má ṣèlérí iye tí ẹ kò ní lè san mọ́ bó bá di oṣù kẹta àdéhùn náà.

Nígbà tí wọ́n bá gbà, Fọ́ọ̀mù 668-D ni wọ́n fi ń tú owó sílẹ̀. Kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀, ẹ fún òṣìṣẹ́ náà ní nọ́ńbà fáàsì ọ́fíìsì owó iṣẹ́ yín, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì lọ béèrè lọ́jọ́ kejì bóyá ìwé náà ti dé, nítorí agbanisíṣẹ́ kò lè dáwọ́ dúró kó tó rí i. Bí wọn kò bá gbọ́ tiyín nígbà tí ilé ń bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ fi Fọ́ọ̀mù 911 kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń gbèjà asanwó-orí nínú IRS fúnra rẹ̀. Wọn kì í gba owó fún iṣẹ́ náà.

Àdéhùn sísan díẹ̀díẹ̀ lè bàjẹ́ bí owó-orí ọdún tuntun bá tún di gbèsè, ìwé náà yóò sì tún padà dé. Nítorí náà, lọ́sẹ̀ tí wọ́n bá tú owó yín sílẹ̀, ẹ gba Fọ́ọ̀mù W-4 ní ọ́fíìsì owó iṣẹ́, kí ẹ sì ṣe àtúnṣe sí iye tí wọ́n ń yọ kó lè bá owó-orí yín mu.