Bí Mo Ṣe Gé Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Wákàtí Méjì Lórí Àgbàdo sí Fídíò Kéékèèké Márùn-ún

Ẹni tí ẹgbẹ́ wa gbé iṣẹ́ náà fún ní Àjàṣẹ́ gba 40,000 fráǹkì, ó sì gé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ orí ayélujára tí a ṣe lórí ìpamọ́ àgbàdo bí ẹni ń gé ọṣẹ: ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ì báà jẹ́ pé olùkọ́ ṣì wà láàárín ọ̀rọ̀. Àkọlé kan náà ló fi sí gbogbo wọn, «Webinaire maïs, partie 1», títí dé «partie 12». Mo fẹ́ mọ àgbẹ̀ Kétu tí kòkòrò ń jẹ àgbàdo rẹ̀ nínú àká, tí yóò wá gbé fóònù tí yóò tẹ «partie 7».

Mo gba iṣẹ́ náà ṣe fúnra mi. N kò ní sọ nípa bí a ṣe ń gba fídíò sórí kọ̀ǹpútà tàbí bí a ṣe ń gé e, nítorí ọmọ kékeré mọ ìyẹn lónìí. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo tẹ́tí sí gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú bébà lọ́wọ́, mo sì kọ ìbéèrè tí olùkọ́ ń dáhùn sí ẹ̀gbẹ́ ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí ojú ìwárí Yútùùbù láti wo ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń tẹ̀. Yorùbá là ń sọ nílé, ṣùgbọ́n Faransé lọ̀pọ̀ wa fi ń wá nǹkan lórí fóònù, nítorí náà Faransé ni mo fi ṣe ọ̀rọ̀ àwárí. Mo yan márùn-ún: «sécher le maïs» fún sísá àgbàdo, «maïs humidité test sel» fún fífi iyọ̀ yẹ omi inú àgbàdo wò, «conserver le maïs sans produit» fún ìpamọ́ láìlo oògùn, «charançon maïs» àti «grand capucin maïs» fún kòkòrò méjì tó ń jẹ àgbàdo. Inú mi dùn sí méjì ìkẹyìn yìí, nítorí kòkòrò méjèèjì yàtọ̀: grand capucin a máa lu ihò tí ìyẹ̀fun púpọ̀ yóò fi dà sílẹ̀, ẹni tó bá sì rí ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ kò wá charançon.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dì ni fídíò méjì àkọ́kọ́. Olùkọ́ sọ̀rọ̀ nípa sísá àgbàdo ní ìṣẹ́jú kejìdínlógún, ó sì fi àyẹ̀wò iyọ̀ kún un. Nígbà tó di àkókò ìbéèrè, obìnrin kan láti Pobẹ̀ béèrè bóyá àgbàdo rẹ̀ ti gbẹ, olùkọ́ sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí tapólì tí a ń sá a sí. Mo fi «sécher» sí àkọlé èkíní, mo sì fi «humidité» sí èkejì. Nígbà tí mo wo YouTube Studio, níbi tí ẹni tó ni fídíò ti ń rí ọ̀nà tí olùwò gbà dé, lábẹ́ «YouTube search», «sécher le maïs» ló ń mú àwọn olùwò wá sí méjèèjì. Wọ́n ń du olùwò kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, bí èyí bá yọjú lónìí, ìyẹn a fara pamọ́.

Yíyí àkọlé padà kò tán an, ó sì mú mi bínú púpọ̀, nítorí inú ọ̀rọ̀ ẹnu olùkọ́ ni ìdàpọ̀ náà wà. Mo tún wọn gé láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tó jẹ mọ́ sísá, láti ibi méjèèjì, ni mo so pọ̀ sínú fídíò kan. Àyẹ̀wò iyọ̀ nìkan ló kù sínú èkejì: a ó da iyọ̀ gbígbẹ àti àgbàdo sínú ìgò gbígbẹ, a ó mì ín dáadáa, a ó sì fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú àgbàdo ju 15% lọ, kò sì tíì yẹ fún ìpamọ́.

Ṣùgbọ́n fídíò iyọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ lẹ́ẹ̀kan». Ta ló sọ, nígbà wo? Mo bẹ olùkọ́ pé, «Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi fóònù gba gbólóhùn kan ṣoṣo fún mi, kí ẹ dárúkọ iyọ̀ àti omi inú àgbàdo nínú rẹ̀.» Wọ́n ṣe é, mo fi í síwájú, mo sì gbé ọ̀rọ̀ àwárí sí ìbẹ̀rẹ̀ àkọlé, nítorí fóònù kì í fi ìparí àkọlé gígùn hàn. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ tó ń mú olùwò wá sí fídíò méjèèjì wá yàtọ̀. Bí mo bá tún fẹ́ ṣe irú rẹ̀, màá sọ fún olùkọ́ ṣáájú ìpàdé pé kí ó máa fi orúkọ ohun náà bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lórí iye owó àpò tí kò gba afẹ́fẹ́ láyè ló kù. Ó dára, ṣùgbọ́n n kò rí ẹnikẹ́ni tó ń wá a lọ́tọ̀, nítorí náà mo fi í sílẹ̀ nínú fídíò gígùn, mo sì kọ ìṣẹ́jú rẹ̀ sí abẹ́ fídíò náà.