Bí A Ṣe Ń Fọ Gíláàsì Fèrèsé àti Dígí Tí Ìlà Funfun Kò Fi Ní Hàn Lójú Rẹ̀

Bí o bá nu gíláàsì fèrèsé, tó ń dán nígbà tó ṣì tutù, àmọ́ tó jẹ́ pé bó ṣe gbẹ báyìí ni ìlà funfun yọ sójú rẹ̀, má tíì dá aṣọ ìnu lẹ́bi. Omi tí o fi fọ̀ ọ́ ni kó o kọ́kọ́ fura sí. Omi nìkan ló ń gbẹ lọ. Ohun tó wà nínú omi kì í bá a lọ. Nítorí náà, omi tó máa gbẹ sójú gíláàsì kẹ́yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ omi tí kò ní nǹkan kan nínú. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, má ṣe jẹ́ kó gbẹ síbẹ̀ rárá, fà á kúrò.

Bí òjò bá ti rọ̀ wọnú ilẹ̀, tó wá gba àárín òkúta ẹfun kọjá, ó máa ń yọ́ díẹ̀ lára òkúta náà mọ́ra. Kálísíọ́ọ̀mù ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń kó bọ̀. Ilẹ̀ Ewékorò àti Ṣágámù ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ní òkúta ẹfun yìí lọ́pọ̀lọpọ̀, òun ni wọ́n sì ń wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Ẹni tó bá ń pọn omi kànga-dẹ̀rọ nírú àdúgbò bẹ́ẹ̀ kò nílò àyẹ̀wò kankan: ọṣẹ kì í tètè hó nínú omi náà, inú kẹ́tù á sì máa ya èépá funfun. Àwọn èèyàn wa tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù mọ èépá yẹn dáadáa, torí ilẹ̀ ẹfun ni púpọ̀ nínú omi ibẹ̀ ń gbà kọjá. Ohun tó wà nínú kẹ́tù yẹn gan-an ló ń di tóótòòtó funfun lójú gíláàsì.

Kọ́kọ́ mọ irú àbàwọ́n tó wà níbẹ̀

Fi èékánná fà á. Bó bá le, tó yọ gọ́ńgọ́ sókè, tó sì funfun, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹfun. Kán fínígà díẹ̀ lé e lórí kí o sì wò ó dáadáa: ẹfun sábà máa ń yọ ìfóòfó kéékèèké, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Bó bá jẹ́ àwọ̀ pupa tàbí búráùn ló ní, irin inú omi ló ń dípẹtà, irú èyí tí kànga-dẹ̀rọ púpọ̀ l'Ékòó ń fà. Fínígà kì í rí ìyẹn ṣe tó bó ṣe yẹ. Sítíríìkì ásíìdì oníyẹ̀fun ló dára jù fún un, ṣíbí ìjẹun kan sínú ìdajì lítà omi tútù. Bó bá sì jẹ́ ti gíláàsì ilé ìwẹ̀, tó ń yọ̀ bí o bá fọwọ́ kàn án, ọ̀rá ọṣẹ ló bo ẹfun mọ́lẹ̀. Bí o bá da fínígà sórí ọ̀rá yẹn, kò ní ráyè dé ara ẹfun. Ọṣẹ olómi ìfọbọ́ àti omi gbígbóná ni kó o kọ́kọ́ fi bó o.

Fèrèsé tí omi táńkì ń ta sí

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan ní Ṣágámù tí mo mọ̀. Táńkì omi wà lórí òpó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀. Bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ, tí kò sẹ́ni tó rántí pa á, omi á kún, á ya sílẹ̀, á sì máa ta sí gíláàsì. Oòrùn ọ̀sán á wá gbẹ ẹ́ síbẹ̀. Bó ṣe ń ṣe fún ọdún bíi mélòó kan, ìsàlẹ̀ gíláàsì náà ṣú funfun débi pé èèyàn kò rí ìta mọ́. Onílé ti fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́ títí, kò sì lọ, torí pé ọṣẹ kì í yọ́ òkúta. Ásíìdì díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ́ ọ.

Ohun tí a ṣe nìyí. A kọ́kọ́ fi omi ọṣẹ fọ eruku àti ọ̀rá kúrò. Férémù fèrèsé náà jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù, pèpéle abẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ tẹ̀ràsò. Ásíìdì máa ń jẹ òkúta kéékèèké inú tẹ̀ràsò àti mábù, torí ẹfun ni púpọ̀ nínú wọn náà. A wá tẹ́ náílọ́ọ̀nù sórí pèpéle náà, a sì fi táwẹ́ẹ̀lì tó rin gbingbin lé e lórí kí fínígà tó bá kán sílẹ̀ má bàa dé ibẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, a rẹ bébà tíṣù sínú fínígà funfun tí a kò bù lómi, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó ṣú. Bí èèyàn bá kàn fọ́n fínígà sójú gíláàsì tó dúró lóòró, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò ti ṣàn lọ, ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ fi máa ń sọ pé fínígà kò ṣiṣẹ́. Tíṣù ló ń dá a dúró síbẹ̀. A tún fi náílọ́ọ̀nù bo tíṣù náà kó má bàa gbẹ, a sì fi í sílẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹni tí kò bá ní fínígà lè fún ọsàn wẹ́wẹ́, kó sẹ́ ẹ dáadáa, kó sì lò ó bákan náà.

Nígbà tí a ṣí i, ẹfun tó fẹ́lẹ́ ti kúrò. Èyí tó nípọn ti rọ̀. Káàdì ìgbowó tó ti kú ni a fi rọra ha á, pẹ̀lú omi lójú gíláàsì. Kànìnkànìn onírin kò gbọ́dọ̀ débẹ̀, ojú gíláàsì ni yóò ha. Etí ibi tó nípọn jù gba ká tún tíṣù lẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Kùrukùru fẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ kù, sódà ìdáná tí a pò mọ́ omi díẹ̀ títí ó fi ki ni a fi aṣọ rírọ̀ rà á kúrò. Fínígà ti kúrò nílẹ̀ kí sódà tó dé, torí bí o bá pò wọ́n pọ̀, wọ́n á hó, wọ́n á sì pa agbára ara wọn. Lẹ́yìn náà ni a fi omi púpọ̀ ṣan gíláàsì àti férémù, torí fínígà tó bá pẹ́ lára alumíníọ́ọ̀mù máa ń mú kó ṣú.

Igun ìsàlẹ̀ kan kò dán. Bí a bá da omi sí i, á mọ́. Bó bá gbẹ, kùrukùru á padà. Èékánná kò sì rí ohunkóhun mú níbẹ̀ mọ́. Bí o bá rí irú èyí, má ṣe fi agbára kún un. Ojú gíláàsì fúnra rẹ̀ ni omi ti jẹ, kò sí ásíìdì ilé tó lè dá a padà. Dídáàbò bo gíláàsì náà kí omi má bàa tún jẹ ẹ́ síwájú, ìyẹn ni pé kí wọ́n fi fúlóòtù sí táńkì, ló wúlò jù níbẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan wà tí n kò ní fi ṣeré. Má ṣe da fínígà, ọsàn tàbí ásíìdì kankan pọ̀ mọ́ háípò tàbí jííkì, bẹ́ẹ̀ ni kó o má ṣe lo ọ̀kan lé ìkejì lórí nínú ilé ìwẹ̀ tó há. Atẹ́gùn kiloríìnì tó ń jáde níbẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ásíìdì líle tí àwọn kan ń fi fọ táìsì pẹ̀lú, má gbé e dé ẹ̀bá fèrèsé. Á jẹ alumíníọ́ọ̀mù, á sì jó ọ lọ́wọ́.

Fífọ̀ tí kò ní ní ìlà

Ìgbà tí oòrùn kò bá sí lójú gíláàsì ni kó o fọ̀ ọ́, ní kùtù tàbí nírọ̀lẹ́. Bí gíláàsì bá gbóná, omi á gbẹ kí ọwọ́ rẹ tó padà débẹ̀. Nígbà ọyẹ́, fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí aṣọ gbígbẹ gbọn eruku kúrò lákọ̀ọ́kọ́. Bí omi bá kọ́kọ́ kan eruku ọyẹ́, ẹrẹ̀ ló ń dà, yanrìn inú rẹ̀ á sì ha gíláàsì.

Ọṣẹ olómi ìfọbọ́ ṣíbí tíì kan péré tó fún omi bíi lítà mẹ́rin. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ á ṣẹ́ kù sójú gíláàsì, á sì di ìlà. Fi fóòmù fọ̀ ọ́ láti òkè wá sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, mú ọ̀pá onírọ́bà, irú èyí tí àwọn ọmọ tó ń fọ gíláàsì mọ́tò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó ń mú lọ́wọ́. Fi rọ́bà náà fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lókè pátápátá lọ́nà ìbú, kí ibẹ̀ gbẹ. Láti ibi gbígbẹ yẹn ni kó o ti máa fà á wálẹ̀, kí ìfà kọ̀ọ̀kan jẹ mọ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí o bá fà á tán, nu ẹnu rọ́bà kí o tó tún gbé e sókè. Bí ìlà bá ṣì ń hàn ní ojú kan náà, wo ẹnu rọ́bà: ó ti ya tàbí ó ti gé. Etí gíláàsì ni kó o fi aṣọ gbígbẹ nù kẹ́yìn.

Fèrèsé lúfà kò gba rọ́bà. Aṣọ méjì ni tirẹ̀: ọ̀kan tó tutù, tí o fún dáadáa, àti ọ̀kan gbígbẹ tí yóò tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, ewé kan lẹ́yìn òmíràn. Wọ ìbọ̀wọ́, etí rẹ̀ máa ń gé èèyàn. Aṣọ òwú tó ti gbó, tí wọn kò fi omi tó ń mú aṣọ rọ̀ fọ̀, dára gan-an, torí omi yẹn ń fi ọ̀rá sára aṣọ. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ yíǹkì rẹ̀ lè pa férémù funfun láwọ̀.

Inú ilé, nù ún lóòró. Ìta, nù ún ní ìbú. Bí ìlà kan bá ṣẹ́ kù, ìdúró rẹ̀ ni yóò sọ ẹ̀gbẹ́ tó wà fún ọ, o kò ní máa sáré wọlé sáré jáde.

Ní àdúgbò tí omi ti le, fi omi òjò ṣe ìṣàn ìkẹyìn. Omi òjò tí a gbà níta taara kò tíì fara kan òkúta. Bí o bá gbà á lábẹ́ páànù, jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ òrùlé fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí o tó gbé báàfù sí i. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi tó ń kán láti ara ẹ̀rọ amúlétutù náà kò ní ẹfun, torí inú afẹ́fẹ́ ló ti wá. Fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, kó o sì fi sínú ike tí a fi ń fọ́n omi. Kì í ṣe mímu o, ti gíláàsì nìkan ni.

Dígí

Dígí kì í fẹ́ omi púpọ̀. Fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń jẹ́ ká rí ara wa, bí omi tàbí fínígà bá sì gba etí rẹ̀ wọlé, ibẹ̀ á dúdú, kò sì ní mọ́ mọ́. Nítorí náà, aṣọ ni kó o fọ́n omi sí, má fọ́n ọn sójú dígí. Aṣọ tútù kan, aṣọ gbígbẹ kan, láti òkè wá sísàlẹ̀. Ibi tí ọ̀rá irun tàbí ohun tí a ń fọ́n sí irun bá lẹ̀ mọ́, fi sípíríìtì díẹ̀ rẹ igun aṣọ, nu ibẹ̀ nìkan, kó o tó nu dígí yòókù. Bó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ dígí ló máa ń kọ́kọ́ ní tóótòòtó, omi ìfọnu àti ìfọwọ́ ló ń ta sí i. So aṣọ kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́sìn kí ẹni tó bá lò ó nù ún kó tó gbẹ. Ti gíláàsì ilé ìwẹ̀ náà, fi ọ̀pá onírọ́bà fa omi rẹ̀ wálẹ̀ nígbà tí o bá wẹ̀ tán, kí o tó nura.