Bí mo ṣe ka èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ Ìyá Ìbejì láti inú fọ́tò

Ìyá Ìbejì tó ń ta àdìrẹ ní ọjà Ìgbọ́nà níbí ní Òṣogbo ló fi fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láàbù mìíràn ló ti gba àyẹ̀wò yìí. Ohùn rẹ̀ ló tẹ̀ lé fọ́tò náà: "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ bá mi wò ó. H àti L ló kún inú rẹ̀. Ṣé kì í ṣe jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló ń bá mi jà báyìí?"

Orúkọ, ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Ìdí ni pé òṣùwọ̀n tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà máa ń yàtọ̀ láàárín ọkùnrin àti obìnrin. Níwájú HGB, ìyẹn hìmóglóbíìnì inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n kọ 12.0 sí 16.0. Ti obìnrin nìyẹn. Ká ní ti ọkùnrin ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, obìnrin tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè gba L, ìyẹn àmì pé ó kéré, lọ́fẹ̀ẹ́.

Fọ́tò yẹn gan-an ló fún mi níṣẹ́. Wọ́n ti ká ìwé náà sí mẹ́rin, ojú ibi tó ká sì gba orí ìlà PCV, ìyẹn ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀, kọjá, mi ò mọ̀ bóyá 21 ni àbí 27. Ìsàlẹ̀ ìwé náà, níbi tí wọ́n máa ń kọ ohun tí wọ́n fi ojú ara wọn rí lábẹ́ máíkírósíkóòpù sí, kò wọ inú fọ́tò rárá. Mo ní kó bá mi tún un yà: kó tẹ́ ìwé náà pẹrẹsẹ sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, kó pa iná fóònù, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìwé sì hàn. Ó ní ilé ni ìwé wà, àfi bí òun bá dé lálẹ́.

Ìyàtọ̀ 21 sí 27 kì í ṣe kékeré. Ẹni tí PCV rẹ̀ bá jẹ́ 21 ti súnmọ́ ibi tí àwọn dókítà ti ń rò ó bóyá wọn yóò fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Nítorí náà mi ò dúró de alẹ́. Àwọn nọ́ńbà inú ìwé yìí bá ara wọn tan, èyí tó fara hàn lè sọ èyí tó fara pamọ́. RBC, ìyẹn iye sẹ́ẹ̀lì pupa, jẹ́ 4.1. MCV, ìyẹn bí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó, jẹ́ 66. Bí a bá sọ méjèèjì di ìlọ́po ara wọn, tí a sì pín in sí mẹ́wàá, PCV ló máa jáde:

```
4.1 × 66 ÷ 10 = 27.06
```

Mo tún gba ọ̀nà kejì wò ó. PCV sábà máa ń tó ìlọ́po mẹ́ta HGB. HGB rẹ̀ jẹ́ 8.4, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ 25.2. Ìyẹn súnmọ́ 27 dáadáa, ó sì jìnnà sí 21. Ọkàn mi balẹ̀ pé 27 ni. Síbẹ̀ mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni títí fọ́tò kejì fi dé, torí ìṣirò ò lè rọ́pò ìwé.

Kí n tó dáhùn ìbéèrè jẹjẹrẹ yẹn, mo ṣàlàyé H àti L fún un. Ẹ̀rọ ló ń kọ wọ́n, H fún èyí tó ga, L fún èyí tó kéré. Ẹ̀rọ kò mọ ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀, kò mọ ohun tó ń ṣe é, ó kàn ń fi nọ́ńbà wé òṣùwọ̀n ni. Bí wọ́n sì ṣe ń ṣe òṣùwọ̀n yẹn ni pé wọ́n máa ń ṣe àyẹ̀wò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara wọn le, wọ́n á wá mú àárín, 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Márùn-ún tó kù nínú àwọn alálàáfíà wọ̀nyẹn ti bọ́ síta. Fún ìdí èyí, bí nọ́ńbà ṣe jìnnà sí ààlà tó ni mo máa ń wò, mo sì máa ń wo àwọn wo ló jọ kúrò lójú ọ̀nà. L tó fi díẹ̀ dín sí ààlà yàtọ̀ pátápátá sí 8.4 nígbà tí ààlà jẹ́ 12.

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, èyí dájú. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì ni ìdí tí kò fi tó, MCV ló sì máa ń tọ́ka ọ̀nà. Ààlà rẹ̀ jẹ́ 80 sí 100, tirẹ̀ jẹ́ 66, ìyẹn ni pé sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ kéré jọjọ. Ara nílò èròjà irin kó tó lè ṣe hìmóglóbíìnì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa. Bí irin bá wọ́n, ńṣe ni ara máa ń ṣe bí alákàrà tí ẹ̀wà lílọ̀ rẹ̀ ò tó: á máa dá a kéékèèké. RDW tún wà níbẹ̀, ó jẹ́ 18.6, ààlà rẹ̀ sì jẹ́ 14.5. RDW ń sọ bóyá àwọn sẹ́ẹ̀lì náà dọ́gba. Tirẹ̀ ò dọ́gba.

Àmọ́ ohun mìíràn wà tó máa ń sọ sẹ́ẹ̀lì pupa di kékeré, èyí tí a máa ń jogún, tí wọ́n ń pè ní talasímíà. Irú èyí tí kò le púpọ̀ wà káàkiri láàárín wa, ẹni tó sì ní in lè máà mọ̀ títí ayé. Jẹnotáìpù AA kò sọ pé èèyàn ò ní in. Láti ya méjèèjì sọ́tọ̀, mo pín MCV sí RBC: 66 sí 4.1, ó jẹ́ 16. Bó bá kéré sí 13, èrò wa á lọ sọ́dọ̀ ohun àjogúnbá, torí sẹ́ẹ̀lì á kéré ṣùgbọ́n á pọ̀. Bó bá ju 13 lọ, ó jọ àìtó irin. Àmì lásán nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ó bá RDW mu.

Mo pè é láti bi í ní ìbéèrè. "Ìyá Ìbejì, báwo ni nǹkan oṣù yín ṣe ń wá?"

"Há, Àǹtí, ó lé lọ́sẹ̀ kan. Ó ń dì, mo máa ń pààrọ̀ páàdì lóru."

"Ṣé ẹ kì í jẹ ohun tí kì í ṣe oúnjẹ, bí ẹfun tàbí yìnyín?"

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní: "Ìrẹsì tí a ò sè ni mò ń jẹ. Mo máa ń bù ú sínú báàgì lọ sí ọjà. Ta ló sọ fún yín?"

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ẹni tí irin bá ti wọ́n lára rẹ̀ lè máa fẹ́ láti rún nǹkan bẹ́ẹ̀ lẹ́nu.

Ó ku àmì méjì tó ń dẹ́rù bà á. PLT, àwọn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, jẹ́ 486, wọ́n kọ H sí i nítorí ààlà jẹ́ 400. Àìtó irin nìkan lè mú un ga bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà àti àkóràn àrùn tún lè mú un ga. Bó bá jẹ́ àìtó irin ló fà á, á sọ̀ kalẹ̀ bí irin bá padà. WBC ni èkejì, sẹ́ẹ̀lì funfun, 3.7 nígbà tí ààlà bẹ̀rẹ̀ láti 4.0. Ibi tí NEU, ìyẹn irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan, wà, 1.6 ni, ààlà rẹ̀ sì jẹ́ 2.0. Mo fẹ́ kí gbogbo wa mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ lára àwa ọmọ Áfíríkà ni kò ní àmì kan tí wọ́n ń pè ní Dọ́fì lára sẹ́ẹ̀lì pupa wa, sẹ́ẹ̀lì NEU sì máa ń dín nínú ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ó tètè kó àrùn. Òṣùwọ̀n tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, lára àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n ti ṣe é. Mo ní kó wá ìwé àtijọ́ rẹ̀. Ó rí èyí tó ṣe nígbà tó lóyún. Sẹ́ẹ̀lì funfun sì máa ń pọ̀ sí i nínú oyún, nítorí náà mi ò lè fi wé e. Ó tún rí èyí tí wọ́n ṣe fún un kó tó lóyún: WBC 3.9. Bó ṣe máa ń rí lára rẹ̀ nìyẹn.

Ní ti jẹjẹrẹ, mo sọ òtítọ́ fún un: a kì í ti inú fọ́tò sọ pé kò sí i. Ohun tí ì bá kó mi láyà sókè ni kí pupa, funfun àti PLT jọ lọ sílẹ̀, tàbí kí funfun ga fíofío, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé pé àwọn rí ọmọ sẹ́ẹ̀lì tí kò yẹ kó tíì jáde. Fọ́tò kejì dé lálẹ́. PCV jẹ́ 27. Ní ìsàlẹ̀, wọ́n kọ pé sẹ́ẹ̀lì pupa kéré, àwọ̀ rẹ̀ ṣá, àwọn kan sì gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bíi pẹ́ńsù. Wọn ò rí ọmọ sẹ́ẹ̀lì kankan. Ọ̀rọ̀ àìtó irin ni gbogbo rẹ̀ ń sọ.

Mo ní kó lọ rí dókítà láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo sọ fún un pé bí èémí bá ń há a nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, bí àyà bá ń dùn ún, bí òòyì bá gbé e ṣubú tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà ṣáá, ọjọ́ náà gan-an ni kó lọ. Mo sì bẹ̀ ẹ́ kó má kàn lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ onígò ní kẹ́míìsì kó wá jókòó, torí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde ṣì wà níbẹ̀.

Dókítà ní kó ṣe fẹ́rítíìnì, àyẹ̀wò irin tí ara kó pamọ́. Ó jẹ́ 6. Tí ti àgbàlagbà bá ti wà nísàlẹ̀ 15, irin ti tán. Ẹ mọ̀ pé àìsàn àti ibà máa ń gbé fẹ́rítíìnì sókè lẹ́tàn, nítorí náà èyí tó ga ò fìgbà gbogbo sọ pé irin wà, ṣùgbọ́n èyí tó wálẹ̀ tó báyìí kì í purọ́. Síkáànù fi fáíbúrọ́ọ̀dù hàn nínú ilé ọmọ. Wọ́n fún un ní oògùn irin, pẹ̀lú oògùn tó máa dín ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù kù, wọ́n sì ní kó má fi tíì gbé oògùn irin náà mì, nítorí tíì kì í jẹ́ kí ara gbà á.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, ìwé tuntun dé, ó tún fi ìpayà ránṣẹ́: "Àǹtí, RDW ti burú sí i! 18.6 ni tẹ́lẹ̀, ó ti di 22.4!" Mo wo àwọn tó kù. HGB ti di 10.4, MCV ti di 72, PLT ti di 350. Mo ní kó dúpẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tuntun tó tóbi ti ń jáde, àwọn kékeré àtijọ́ ò sì tíì kú tán, torí sẹ́ẹ̀lì pupa máa ń lò tó oṣù mẹ́rin. Méjèèjì jọ wà nínú ẹ̀jẹ̀ kan, ìdí nìyẹn tí àìdọ́gba fi pọ̀ sí i. Yóò máa lo oògùn náà lọ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí HGB bá ti pé, kí irin lè padà sínú àká ara, dókítà sì ti fún un ní ọjọ́ tí wọn yóò jọ sọ̀rọ̀ lórí fáíbúrọ́ọ̀dù náà.